₦21,500 tó sọnù sínú gàrí: ohun tí ẹ̀kọ́ ìṣirò orí fóònù fi yé àǹtí mi

Àǹtí mi ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Àpò mẹ́ta ni wọ́n máa ń rà lọ́sẹ̀, wọ́n á sì ti tà á tán kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú. Ọjà wọn ń yá, oníbàárà ń wá, kò sí ìjà, kò sí ìta. Síbẹ̀, bí ọjọ́ Ajé bá dé, owó ọwọ́ wọn kì í tó ra àpò mẹ́ta mọ́. Owó àjọ ni wọ́n fi ń dí ihò náà, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí tí owó bá ń dín tí a ò mọ ibi tó gbà. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá wọn dúró ti ọjà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun ni àǹtí mi fura sí. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ló ń kó mi lówó. Bí oṣù yìí bá parí, màá dá a padà fún ìyá rẹ̀." Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rí i tó mú owó ni?" Wọ́n ní àwọn ò rí i, àmọ́ ta ló tún kù?

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ọjà wọn fi ẹ̀kọ́ kan ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ọjà ni, méje ni gbogbo rẹ̀, ohùn Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Ìkọ̀ọ̀kan ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ìbéèrè mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Kò sí wákàtí tí èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni wàá tẹ̀ ẹ́. Mo bá wọn gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni kí n fi hàn yín bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí wọ́n fi gé e kúrú bẹ́ẹ̀, àti ibi tí owó àǹtí mi wọlé sí. Iye owó tí màá dá nísàlẹ̀ yìí, tiwọn ni. Owó gàrí kì í dúró sójú kan, nítorí náà iye tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Àpò méjì, kì í ṣe ìwé ńlá

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ò mẹ́nu kan ìwé rárá. Ohun tó sọ ò ju pé kí o wá àpò méjì, ọ̀kan fún owó ọjà, èkejì fún owó ilé. Owó tí oníbàárà bá san, inú àpò ọjà ló ń lọ. Bí o bá fẹ́ ra ata tàbí kí o fún ọmọ lówó bọ́ọ̀sì, o kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò ọjà kí o kàn fà á yọ bẹ́ẹ̀. O ní láti kọ́kọ́ fa ìlà sílẹ̀ pé o mú un, àti iye tó jẹ́.

Mo rò pé ó ti rọrùn jù. Èmi tí mo lọ iléèwé, mo ti ń retí "owó tó wọlé lápá òsì, owó tó jáde lápá ọ̀tún". Àṣé àwọn olùwádìí ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Alejandro Drexler, Greg Fischer àti Antoinette Schoar ṣe ìwádìí kan ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dòmíníkánì, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n ń yá owó ní báńkì kan níbẹ̀, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìṣirò bíi ti akáǹtáǹtì. Wọ́n kọ́ apá kejì ní òfin kéékèèké tó ṣeé há sórí, irú bíi pé kí owó ọjà àti owó ilé wà ní dúrọ́ọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí èèyàn sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá yá láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Wọn ò kọ́ apá kẹta ní nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n, àwọn tó kọ́ òfin kéékèèké ń ya owó sọ́tọ̀, wọ́n sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó kọ́ ìṣirò akáǹtáǹtì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí wọn ò kọ́ ní nǹkan kan. Kì í ṣe pé ìṣirò yẹn kò dára o. Ó pọ̀ jù fún ẹni tó ń wọn gàrí, tó ń dá ṣéńjì padà, tó tún ń pe oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe láàárín oníbàárà kan sí èkejì ló máa ń dúró.

Ìṣòro kan tó yọjú sí wa níbi àpò méjì yìí ni tíránsífà. Àwọn oníbàárà kan kì í mú owó wá mọ́, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín." Báńkì kan ṣoṣo ni àǹtí mi ní, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wọn ń rán owó oúnjẹ sí. Ẹ ò rí i pé àpò méjì ti tún di ọ̀kan padà. Wọ́n ní láti ṣí àkáǹtì mìíràn fún ọjà nìkan kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó lè ṣiṣẹ́.

Kí ni ìbéèrè mẹ́ta yẹn wà fún?

Àǹtí mi kọ́kọ́ bínú sí àwọn ìbéèrè náà. Wọ́n ní, "Ṣé mo tún padà sí kíláàsì ni?" Àmọ́ ìbéèrè yẹn kì í ṣe láti mọ ẹni tó gbọ́n. Ó jẹ́ ara ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọsílẹ̀ kúkurú kan láti kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn mìíràn pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó dán ara wọn wò ṣì rántí nǹkan bí 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó tún un kà rántí nǹkan bí 42. Bí a bá fipá wá nǹkan jáde látinú orí wa, ipa ọ̀nà rẹ̀ á máa là sí i, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́. Bí a bá kàn tún un gbọ́, ó máa ń dà bíi pé a ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ a ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè mẹ́ta náà kì í fi jẹ́ ti ọjọ́ kan. Ọ̀kan á wá látinú ẹ̀kọ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ọ̀kan látinú ti ìṣáájú, ọ̀kan látinú ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ tí o ti fẹ́ gbàgbé. Ẹ wo ọ̀kan tó wá látinú ẹ̀kọ́ kejì:

Ìbéèrè: O ra àpò gàrí kan ní ₦32,000. O san ₦1,000 fún ọkọ̀, o sì fún alábàárù ní ₦300. Èló ni àpò náà dúró lé ọ lórí?
A. ₦32,000
B. ₦33,000
D. ₦33,300

Àǹtí mi tẹ A. Ohùn kan dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Iye tí o san fún ẹni tó tà á fún ọ nìyẹn. Ṣé gàrí náà fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọjà ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n mú B. Ohùn náà ní, "O ti rántí ọkọ̀. Ta ló gbé e látibi ọkọ̀ dé ìsọ̀ rẹ?" Ìgbà yẹn ni wọ́n wá tẹ D.

Ẹ kíyè sí i pé ìdáhùn tí kò tọ́ níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kó jọ. Àṣìṣe tí àwọn ọlọ́jà ń ṣe lóòótọ́ ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Owó alábàárù máa ń jáde látinú ṣéńjì ọwọ́, torí náà kì í wọ ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ibi tí o bá ti ṣì í ló ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣàlàyé fún ọ. Bí ẹ bá ń wo ẹ̀kọ́ kan tí ìdáhùn rẹ̀ ò ju "O gbà á" tàbí "O kùnà" lọ, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é ò tíì jókòó ti ọlọ́jà rí.

Èènì náà lówó lórí

Ẹ̀kọ́ kẹta ló mú kí àǹtí mi dákẹ́. Ó béèrè pé: kóńgò mélòó ló wà nínú àpò rẹ, mélòó lo sì ń gba owó lé lórí?

Wọ́n ní ogójì ló wà nínú àpò kan bí àwọn bá wọ̀n ọ́n. Ogójì lọ́nà mẹ́ta, 120 kóńgò nìyẹn. Wọ́n ń ta ọ̀kan ní ₦1,000. Àmọ́ ta ló ń ra gàrí ní Bódìjà tí kò gba èènì? Lórí gbogbo kóńgò, ẹ̀kúnwọ́ kan á tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ náà ní kí a wọn ẹ̀kúnwọ́ yẹn. A mú kóńgò tó ṣófo, àǹtí mi sì ń bu ẹ̀kúnwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń bù ú fún oníbàárà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹtàlá, kóńgò kún.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo kóńgò mẹ́tàlá tí wọ́n bá tà, odindi kóńgò kan ti bá èènì lọ. Nínú 120 kóńgò, 111 ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Mẹ́sàn-án tó kù, èènì ló kó o, àfi díẹ̀ tó dà sílẹ̀. ₦9,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ náà ò sọ pé kí wọ́n má fúnni ní èènì mọ́. Bí ọlọ́jà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ ẹnìkejì ni oníbàárà máa yà sí. Ó kàn ní kí wọ́n fi èènì sínú ìṣirò. Iye tí gàrí dúró lé wọn lórí jẹ́ ₦33,300 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn ₦99,900. Bí a bá pín in sí 111 kóńgò tó ń mú owó wá, kóńgò kan dúró lé ₦900. Wọ́n ń tà á ní ₦1,000. Ọgọ́rùn-ún náírà péré ló kù lórí kóńgò kan, kó tó kan tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Ohun tó wà lórí àǹtí mi tẹ́lẹ̀ ni ₦200.

Káàdì bíi ti alájọ

Ẹ̀kọ́ kẹrin dá lórí àwìn, ìkarùn-ún dá lórí ìnáwó kéékèèké, ìkẹfà sì dá lórí bí èèyàn á ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí mi mọ nọ́ńbà kà dáadáa, àmọ́ ìwé kíkọ ò yá wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ náà ò ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kankan. Ó ní kí wọ́n ya káàdì bíi ti alájọ, tí àpótí kan wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ya àwòrán sókè ìlà márùn-ún: kóńgò fún ọjà tí wọ́n tà, owó fún èyí tó wọlé, ojú èèyàn fún àwìn, ọkọ̀ fún ìnáwó ọjà, ilé fún owó tí wọ́n mú lọ sílé.

Bí wọ́n bá ta kóńgò kan, wọ́n á fa igi kan. Bí ó bá pé márùn-ún, ìkarùn-ún á dábùú mẹ́rin ìṣáájú. Àwọn ìyá wa tó ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri láti mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwìn nìkan ni ògiri máa ń mọ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n fura sí yẹn ló ń fa igi náà nígbà tí ọwọ́ àǹtí mi bá dí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jọ kà á.

Alẹ́ Sátidé

Ẹ̀kọ́ méjèèje gbà wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ₦100,000 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ra àpò mẹ́ta wọn, wọ́n sì kọ gbogbo nǹkan sórí káàdì. Ní alẹ́ Sátidé, mo ní, "Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò tí ẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ná, ti orí."

Wọ́n ní, "Mo ra gàrí ₦96,000. Kóńgò 120 ni, ₦1,000 ni ọ̀kan. Èrè ₦24,000 nìyẹn. Mo ń mú ₦2,500 lọ sílé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ₦15,000. Ó yẹ kí ₦9,000 lé lórí ₦100,000 tí mo fi bẹ̀rẹ̀. ₦109,000 ló yẹ kó wà nínú àpò."

A tú àpò ọjà, a ka owó inú àkáǹtì ọjà mọ́ ọn. ₦87,500 la bá. ₦21,500 ti pòórá. Mo rí i bí wọ́n ṣe wo ọmọ yẹn.

A wá gbé káàdì sílẹ̀. Èènì àti èyí tó dà sílẹ̀ kó ₦9,000. Ọkọ̀ àti alábàárù kó ₦3,900. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà jẹ́ ₦200 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà, ₦1,200. Ọ̀rá tí wọ́n ń di gàrí sí kó ₦1,400. Àwìn tó wà níta, lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ àti oníbàárà méjì mìíràn, jẹ́ ₦6,000. Ẹ ro ó pọ̀: ₦21,500 gééré. Kò sí ẹni tó jí kọ́bọ̀.

Àǹtí mi ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ọmọ náà lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá kó jẹun lọ́dọ̀ wa. Mi ò rò pé ọmọ yẹn mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i.

Níbo wá ni ojú owó ń gbà lọ?

Kí ẹ má ṣe rò pé bí a ti rí ₦21,500 yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwìn ₦6,000 ṣì ń bọ̀ wálé. Bí a bá rò ó mọ́ ₦87,500, ó di ₦93,500. ₦100,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ojú owó ti dín ní ₦6,500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ọjà tà tán! Owó yẹn gan-an ni àjọ ń dí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ọjà tí wọ́n tà jẹ́ ₦111,000. Gàrí, ọkọ̀ àti alábàárù jẹ́ ₦99,900. Tíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀rá jẹ́ ₦2,600. Èrè tòótọ́ jẹ́ ₦8,500, wọ́n sì mú ₦15,000 lọ sílé. Àfikún ₦6,500 yẹn, ojú owó ni wọ́n ń jẹ láìmọ̀. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ ojú owó. Ohun tó ṣòro ni pé kò sí àmì lára náírà tó máa sọ fún ọ pé èyí ni èrè, èyí ni ojú owó.

Ẹ̀kọ́ keje ló kan ibẹ̀. Ó ní kí ọlọ́jà san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀, iye kan náà lójoojúmọ́, kí iye náà má sì ju èrè tòótọ́ lọ. ₦8,500 tí a bá pín sí ọjọ́ mẹ́fà ò tó ₦1,420. Àǹtí mi ní ₦1,400 ò lè bọ́ ilé àwọn. Òótọ́ ni. Nítorí náà a padà sí èènì. Wọ́n gbìyànjú ìdajì ẹ̀kúnwọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Kóńgò tó ń mú owó wá di 115, ₦4,000 kún èrè, ó di ₦12,500. Wọ́n ń mú ₦2,000 lọ sílé lójoojúmọ́, ₦12,000 lọ́sẹ̀, ₦500 sì kù sẹ́yìn. Oníbàárà méjì ráhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lọ. Kì í ṣe gbogbo ìsọ̀ ló máa rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ dín èènì kù, ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fi dán an wò, kí ẹ sì ka iye kóńgò tí ẹ tà lójúmọ́. Bí iye yẹn bá ń wá sílẹ̀, èènì ló lé wọn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà mọ

Káàdì lè parọ́ bí a kò bá ṣọ́ra. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní ni ọjà tó ṣẹ́kù. Ká ní kóńgò mẹ́wàá kù ní alẹ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ ₦10,000 sílẹ̀ fún un, torí pé iye tí wọ́n máa tà á nìyẹn. Àmọ́ wọn ò tíì tà á. ₦900 tí ọ̀kan dúró lé ni kí wọ́n fi ka á, ₦9,000. Bí a bá ka èrè ọjà tí a kò tíì tà, a ó ná an kó tó dé.

Èkejì ni owó ọjà tó ń gòkè. Bí àpò gàrí bá ti ₦32,000 di ₦35,000, àpò mẹ́ta ti fi ₦9,000 lé. Èyí ju gbogbo èrè ₦8,500 ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Káàdì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò lè rí èyí, iye tí a rà á nígbà yẹn nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó dá iye tí ẹ máa tà lọ́jọ́ Ajé, ẹ bi ẹni tó ń tà fún yín léèrè iye tó máa tà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìgbàgbé. Lọ́sẹ̀ kejì, káàdì àti àpò ò bára mu, ₦200 dín. A ò wá a títí. ₦200 lè jẹ́ ṣéńjì tí a dá padà ní àdájù, tàbí omi tútù tí ẹnì kan rà tí kò fa ìlà rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kó èèyàn lọ́kàn sókè ni iye tó ń dín lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí iye tó ń pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni kí ẹ béèrè ẹni tó dúró ti ọjà lọ́jọ́ náà. Tí kò bá sí káàdì, ẹni tó sún mọ́ wa jù la máa ń dá lẹ́bi.

Bí ẹ bá ní ọlọ́jà nílé, tí ẹ ò sì tíì rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìsí dátà. Ẹ wá kóńgò tàbí agolo tí wọ́n fi ń wọn ọjà, kí wọ́n máa bu èènì sí i bí wọ́n ṣe ń bù ú fún oníbàárà. Ẹ ka á títí yóò fi kún. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sórí káàdì.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì wà ní ìsọ̀ àǹtí mi. Òun ló ń ka káàdì lálẹ́ báyìí, àǹtí mi ló ń ka owó.